Mọ́tò Méjì tí ó Pàdé Nínú Òkun

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí òdo kan ti ń dà mí láàmú. Kì í ṣe pé ẹnì kan fún mi ní òdo. Èmi gan-an ni mo fi bírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó wà ní ọdún kejì ní ipele àgbà ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, tí òun àti àwọn ọmọ àdúgbò mẹ́rin sì máa ń wá sí ẹ̀yìnkùlé mi n'Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ kí n lè la ìṣirò yé wọn. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ìyára, ìjìnnà àti àkókò fún ọdún púpọ̀, mo sì ti rò pé kò sí kọ́lọ́fín kan nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀. Òdo yìí ni ó fi hàn mí pé kọ́lọ́fín kan wà tí n kò yà sí rí.

Ìbéèrè tí mo kọ sára bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà rèé. Bọ́ọ̀sì kan gbéra n'Ìbàdàn ní aago 7:00 òwúrọ̀, ó ń lọ sí Èkó, ó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gbéra ní ibi kan náà ní aago 7:40, ó ń tẹ̀ lé e ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Ìgbà wo ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò lé bọ́ọ̀sì bá, ibẹ̀ yóò sì jìnnà tó kìlómítà mélòó sí Ìbàdàn? Lókè bọ́ọ̀dù, láti inú ìbéèrè tí ó ṣáájú, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n ka ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó sí kìlómítà 120. Ọ̀nà márosẹ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 127, ṣùgbọ́n 120 máa ń rọrùn fún àwọn ọmọ láti pín.

Ìdáhùn tí mo kọ sínú ìwé tèmi ni aago 9:40, ní kìlómítà 160 sí Ìbàdàn. Ọmọ méjì nínú márùn-ún gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan pín 40 sí 140, nítorí ó ṣe àròpọ̀ ìyára níbi tí ó yẹ kí ó wá ìyàtọ̀. Ẹnì kan tún rí wákàtí 2 náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀sì wà, ó fi 60 lọ́nà 2, ó gbàgbé pé bọ́ọ̀sì ti wà lójú ọ̀nà fún ogójì ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ kejì tó gbéra. Àwọn àṣìṣe wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí mi, mo mọ bí mo ṣe máa ń tún wọn ṣe. Ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó yàtọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó kọ síbẹ̀, kò ṣe ìṣirò kankan: "Kò lè lé e bá kí wọ́n tó dé Èkó." Mo rò pé ọ̀lẹ ni ó ṣe é. Mo kọ òdo, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

### Ìlà tí kò pàdé

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó dé ṣáájú àwọn yòókù. Kò sọ nǹkan kan nípa òdo. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀, ó wá tẹ́ pépà gíráàfù kan sórí tábìlì, ó sì fi rúlà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Mo rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́ kan, nítorí ó ti fi rọ́bà pa á rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé pépà náà ti fẹ́lẹ́ lójú kan.

Ó ti fa ìlà kan sókè ní apá òsì, ó kọ "Ìbàdàn" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi òdo, ó sì kọ "Èkó" sí òkè níbi 120. Ó fa ìlà kejì sí ìbú láti fi ka àkókò, láti aago 7:00 títí dé 9:30. Ìlà bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀, ó ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì kan Èkó lókè ní aago 9:00 gééré. Ìlà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ní 7:40, ó dúró ṣánṣán ju ti àkọ́kọ́ lọ, a sì lè fi ojú rí i bí ó ṣe ń sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa kan òkè, aago 9:10 ni. Ìlà méjèèjì kò fara kan ara wọn níbì kankan lórí pépà náà.

Ó fi ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀ tọ́ka sí aago 9:00. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí. Nígbà tí àwọn èrò bọ́ọ̀sì bá ń sọ̀ kalẹ̀ l'Ékòó, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn kìlómítà 106 àti díẹ̀ ni. Ó ku kìlómítà 13 fún un."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ìṣirò sọ pé kìlómítà 160 ni."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Kìlómítà 160 láti Ìbàdàn, bí wọ́n bá ń bá eré wọn lọ tààrà gba Èkó kọjá, inú òkun ni wọ́n ti máa pàdé."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó mọ̀ pé kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ogójì kìlómítà kọjá Èkó, bí a bá dojú kọ gúúsù, kò sí ilẹ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ yìí pé kí wọ́n máa yẹ ìdáhùn wọn wò, mo ti wo 160, mo sì ti wo 120 tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sókè bọ́ọ̀dù, n kò sì fi ọ̀kan wé èkejì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà ni pé, báwo ni ìṣirò tí kò ní àṣìṣe kankan nínú ṣe lè gbé ènìyàn lọ sínú òkun?

### Àlàfo ni ìṣirò ń wò

Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí a wo ohun tí ìṣirò yẹn ń ṣe ní ti gidi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó há a sórí pé bí ọkọ̀ méjì bá dojú kọ ara wọn, kí a ro ìyára wọn pọ̀, bí wọ́n bá sì ń lọ sí apá kan náà, kí a yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Wọn kò mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà bí ìbéèrè bá yí ojú padà díẹ̀, wọ́n á máa wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò sọ fún wọn èwo ni kí wọ́n lò nínú méjèèjì. Ohun tí ó dára jù ni kí a gbàgbé ọkọ̀ méjèèjì fún ìgbà díẹ̀, kí a tẹjú mọ́ àlàfo tí ó wà láàárín wọn.

Ní aago 7:40 tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbéra, bọ́ọ̀sì ti lo ogójì ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà. Bí ó bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, a jẹ́ pé kìlómítà kan ni ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó sì ti rìn kìlómítà 40. Àlàfo náà nìyẹn. Láti ìgbà yìí lọ, ohun méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àlàfo yìí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gé kìlómítà 80 kúrò nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, bọ́ọ̀sì sì ń fi 60 kún un láti iwájú. Ó dà bí gbèsè. Bí o bá ń san ọgọ́rin náírà lóṣù, tí ẹni tí o jẹ ní gbèsè sì ń fi èlé ọgọ́ta lé e lóṣù, ogún náírà péré ni gbèsè náà fi ń dínkù, bí ó ti wù kí ọgọ́rin tí ò ń san dùn mọ́ ẹ nínú tó. Gbèsè 40 tí ó ń fi 20 dínkù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan yóò tán ní wákàtí 2. Aago 7:40 àti wákàtí 2 jẹ́ 9:40, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ń sá 80 yóò sì ti rìn 160 nígbà náà. Bọ́ọ̀sì náà, láti 7:00 dé 9:40, ìṣẹ́jú 160 ni, kìlómítà 160 ni. Gbogbo rẹ̀ ṣe rẹ́gí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo gbogbo nǹkan tí a lò: àlàfo, àti bí àlàfo ṣe ń dínkù. Kò sí ibì kankan tí 120 ti wọ inú ìṣirò náà. Ìṣirò kò mọ̀ pé ọ̀nà ní òpin, kò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì yóò dé ibùdókọ̀ kan, tí awakọ̀ yóò sì pa ẹ́ńjìnnì. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì yóò máa sá lọ títí ayé. Ìdáhùn tí ó fún mi kì í ṣe irọ́. Ó dáhùn ìbéèrè tí n kò mọ̀ pé mo bi í, èyí tí ó jẹ́ pé: bí ọ̀nà kò bá lópin, níbo ni yóò ti lé e bá?

### Ìdí tí n kò fi fura

Mo bi ara mi léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò ní àṣà àtiyẹ òpin ọ̀nà wò. Mo rò pé mo ti rí i. Ìbéèrè tí ọkọ̀ méjì ti ń pàdé ara wọn ni a máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kì í sábà lè jáde kúrò lórí ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì wa kúrò n'Ìbàdàn ní aago 7:00 ní kìlómítà 60, kí ọkọ̀ mìíràn sì kúrò l'Ékòó ní aago kan náà ní kìlómítà 90, tí ó ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Níhìn-ín, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni àlàfo, kìlómítà 120. Ọkọ̀ méjèèjì ni ó ń gé e, bí ẹni méjì tí wọ́n ń ro poro oko kan náà, tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti orí, tí èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Kò sí ẹni tí ó ń ro 150 nínú wọn, ṣùgbọ́n koríko náà ń tán bí ẹni pé ẹnì kan ń ro 150. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí rí pé ọkọ̀ wo gan-an ni ó ń sá kìlómítà 150 yẹn, ìbéèrè dáadáa sì ni. Kò sí ọkọ̀ tí ó ń sá a, àlàfo ni ó ń fi í dínkù.

120 ÷ 150 jẹ́ 0.8 wákàtí, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú ní ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, nítorí wọ́n á kọ "ìṣẹ́jú 80" tàbí "ìṣẹ́jú 8". Wákàtí kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ọgọ́ta ni, ìṣẹ́jú 48. Wọ́n pàdé ní 7:48, bọ́ọ̀sì ti rìn kìlómítà 48, ọkọ̀ kejì ti rìn 72. Àmì tí a fi ń mọ̀ pé ìdáhùn tọ̀nà ni pé 48 àti 72 gbọ́dọ̀ pé 120, nítorí poro oko kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ro.

Bí ọkọ̀ ti Èkó kò bá tètè gbéra, tí ó di aago 7:30, kò yí nǹkan púpọ̀ padà, àfi pé a gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti wà lójú ọ̀nà kí a tó ro ìyára wọn pọ̀. Ní 7:30, bọ́ọ̀sì nìkan ti jẹ 30 nínú 120, ó ku 90. 90 ÷ 150 jẹ́ 0.6 wákàtí, ìṣẹ́jú 36, wọ́n sì pàdé ní 8:06. Bọ́ọ̀sì ti rìn 66, èkejì ti rìn 54, ó pé 120. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ yọ 30 yẹn kúrò, ìjìnnà méjèèjì rẹ̀ kò ní pé 120, yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti wọ́.

Ẹ rí i pé àyẹ̀wò yẹn ti ká ọ̀nà mọ́ inú ara rẹ̀. Bí ìpín méjèèjì bá pé 120, a jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti pàdé wà láàárín ìlú méjèèjì dandan. Àfi bí ọkọ̀ Èkó bá sùn títí bọ́ọ̀sì fi dé, ni ìṣirò yóò fi máa sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀kan ti ń lé èkejì, àlàfo kì í ṣe ọ̀nà. Kìlómítà 40 ni àlàfo, 120 ni ọ̀nà, kò sì sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Àyẹ̀wò tí a máa ń ṣe níbẹ̀, pé kí ìjìnnà ọkọ̀ méjèèjì dọ́gba, yóò yege pátápátá bí wọ́n bá tilẹ̀ pàdé lórí omi: 160 níhìn-ín, 160 lọ́hùn-ún. Mo ti gbé àyẹ̀wò kan lọ sí ibi tí agbára rẹ̀ kò dé.

### Ìdajì wákàtí

Lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, mo jókòó ti pépà rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí ó pẹ́ jù tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè gbéra kí ó ṣì lè lé bọ́ọ̀sì bá. Mo kọ́kọ́ dán ogún ìṣẹ́jú wò dípò ogójì. Ní 7:20, àlàfo jẹ́ kìlómítà 20. Bí ó ti ń fi 20 dínkù ní wákàtí kan, kìlómítà 5 ni ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ̀ọ̀kan. Ní 7:35, ó ku 15. Ní 7:50, ó ku 10. Ní 8:05, ó ku 5. Ní 8:20, ó tán. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti rìn fún wákàtí kan, kìlómítà 80, bọ́ọ̀sì ti rìn fún ọgọ́rin ìṣẹ́jú, kìlómítà 80. Wọ́n ti kọjá oríta Ṣágámù nígbà náà, Èkó sì ṣì ku 40. Èyí dára.

Mo dán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wò. Àlàfo jẹ́ 30, yóò gba wákàtí kan àti ààbọ̀, aago 9:00 sì ni wọn yóò pàdé, ní kìlómítà 120 gééré. Wọ́n jọ wọ Èkó ni. Lórí gíráàfù, ìlà méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kanra lókè pátápátá ni.

Mo wá rí i pé n kò nílò láti máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì máa ń lo wákàtí 2 dé Èkó, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń lo wákàtí 1 àti ààbọ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gbogbo àkókò tí eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè rà padà lórí ọ̀nà yìí sì nìyẹn, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fi ogún ìṣẹ́jú ṣòfò n'Ìbàdàn, yóò rà á padà kí ó tó dé, yóò sì ṣẹ́ mẹ́wàá kù. Bí ó bá fi ogójì ṣòfò, mẹ́wàá ni yóò fi pẹ́ dé lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, 9:10, gẹ́gẹ́ bí ìlà ọmọ náà ti sọ. Nítorí náà, ṣáájú kí a tó pín ohunkóhun sí ohunkóhun, kí a béèrè pé ta ni yóò kọ́kọ́ dé. Bí ẹni tí ó gbéra lẹ́yìn bá kọ́kọ́ dé, a jẹ́ pé ó ti kọjá èkejì níbì kan lójú ọ̀nà, nítorí wọn kò fò. Bí kò bá kọ́kọ́ dé, kí a má wulẹ̀ ṣòpò wá ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ohun tí ọmọ náà kọ ní gbólóhùn kan nìyẹn. Ó ti wo 2, ó ti wo 1 àti ààbọ̀, ó ti rí i pé ogójì ju ọgbọ̀n lọ. Ó ṣe ìṣirò náà nínú orí ni, kò kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi òdo san án fún un. Ẹ̀bi tirẹ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń máàkì ìwé kò lè wo inú orí ènìyàn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ 120 sókè bọ́ọ̀dù.

### Bí bọ́ọ̀sì bá dúró

Nígbà tí mo padà bá gbogbo wọn sọ ọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jẹ́wọ́ pé ìbéèrè mi ni ó ní àbùkù. Mo gba òdo náà padà, mo sì fún un ní máàkì tirẹ̀, mo ní kí ó máa kọ ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ọmọkùnrin tí ó máa ń jókòó lẹ́bàá ògiri ni ó sọ pé kò parí. Ó ní, "Àǹtí, kò sí bọ́ọ̀sì tí ó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó tí kì í dúró. Ó máa já èrò, ó máa gbé èrò." Òótọ́ ni ó sọ. Mo ní kí a jẹ́ kí bọ́ọ̀sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Ògèrè, níbi tí àwọn awakọ̀ ti sábà máa ń yà, kí a sì fi ogójì ìṣẹ́jú sílẹ̀ bí ó ti wà.

Bọ́ọ̀sì yóò dé Èkó ní 9:15 báyìí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì ń dé ní 9:10. Ẹni tí ó gbéra lẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ dé, nítorí náà yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n níbo? Àwọn ọmọ fẹ́ mú 40 kí wọ́n tún pín in sí 20, mo sì dá wọn dúró. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí bọ́ọ̀sì fi dúró, kò sí ẹni tí ó ń fi èlé kún gbèsè mọ́. Gbogbo 80 ni ó ń gé àlàfo, ìdá mẹ́rin wákàtí kan sì gé kìlómítà 20 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 20 tí ó kù ni yóò fi 20 dínkù ní wákàtí kan, ìyẹn wákàtí kan gbáko. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti 7:40, aago 8:55. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti rìn kìlómítà 100. Bọ́ọ̀sì ti lo ìṣẹ́jú 115 láti ìgbà tí ó ti gbéra, a yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó fi dúró kúrò, ó ku 100, kìlómítà 100. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò dúró síbẹ̀. A wo 100, a wo 120, a rí i pé ó ṣì wà lórí ilẹ̀.

Wàhálà kan wà níbí tí àwọn ọmọ kò tètè rí. Bí ibi tí bọ́ọ̀sì dúró sí bá súnmọ́ Èkó jù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè bá a níbi ìdúró gan-an kí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ìṣirò tí a ṣe yìí kò sì ní bá a mu mọ́. A ní láti yẹ̀ ẹ́ wò pé àlàfo kò tán nígbà tí bọ́ọ̀sì ṣì dúró. Bí a bá sọ pé kìlómítà 45 ni ibi tí ó dúró sí, a óò rí i pé bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ láti 7:45 títí di 8:00, ọkọ̀ ẹ̀yìn kò sì tíì rìn ju kìlómítà 27 lọ nígbà tí bọ́ọ̀sì tún gbéra, nítorí náà kò séwu. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ tí ó máa ń wà lọ́nà Mówe àti Ìbafò, n kò fi kún un. Bí ìyára bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà, kí a kàn pín àlàfo sí ìyàtọ̀ ìyára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó mọ́, gíráàfù nìkan ni ó lè gbà wá.

Mo fẹ́ pa ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ́ nínú ìwé tí mo ń kọ ìbéèrè sí, kí n fi ogún ìṣẹ́jú rọ́pò ogójì, kí ìdáhùn lè máa jẹ́ kìlómítà 80 lọ́dọọdún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ogójì wà níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kí ẹ yí." Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fi ìlà fa ọ̀rọ̀ "Ìgbà wo ni" já, ó sì kọ sókè rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́: "Ǹjẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò lé bọ́ọ̀sì bá kí wọ́n tó dé Èkó? Bí kò bá lè lé e bá, eré mélòó ni ó yẹ kí ó sá?"

Mo ṣe é lójú wọn. Láti 7:40 dé 9:00 jẹ́ ọgọ́rin ìṣẹ́jú, ọ̀nà jẹ́ 120. Kìlómítà 90 ní wákàtí kan ni yóò jẹ́ kí wọ́n jọ dé lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ju 90 lọ. Ọmọkùnrin ẹ̀bá ògiri ní kí a fi 100 dán an wò. Àlàfo 40, ó ń fi 40 dínkù, wákàtí kan péré, aago 8:40, kìlómítà 100 sí Ìbàdàn. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹni mẹ́ta nínú wọn ti gbójú sókè wo 120 tí ó wà lórí bọ́ọ̀dù.